Ìbéèrè ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́ nípa owó: báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kọ́ nǹkan lóòótọ́?

Olùdarí_Kíláàsì

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníwákàtí mẹ́rin ni mo ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà: bí èlé ṣe ń gun orí èlé, bí a ṣe ń fi ẹ̀yáwó méjì wé ara wọn, àti ohun tí ọ̀wọ́n gógó ń ṣe sí owó tí ènìyàn fi pamọ́. Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo kọ. Wọ́n dáhùn wọn ní òwúrọ̀ kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, wọ́n sì tún dáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà nígbà tí a parí ní ìrọ̀lẹ́. Ọgbọ̀n ènìyàn ló ṣe méjèèjì.

Nígbà tí mo ro àmì wọn pọ̀ tí mo pín in, ó jẹ́ 6.8 nínú 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀, ó sì di 7.4 ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó gbé owó ètò náà sílẹ̀ ń bi mí pé ṣé ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò ní lè gbèjà rẹ̀ lọ́la. Kí ni kí n sọ fún wọn, kí sì ni kí n ṣe sí àwọn ìbéèrè náà kí kíláàsì tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀?

Ìrètí_Ọ̀la

Ó ṣiṣẹ́ o! Àmì gòkè, kí lẹ tún ń wá? Ẹ kọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jẹ́ yín, màá fi ìbéèrè kan kún un ní ìparí: "Ṣé ẹ ti mọ̀ nípa owó ju ti òwúrọ̀ lọ?" Gbogbo wọn ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ óò sì ní ẹ̀rí kejì lọ́wọ́.

Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè bá yín jiyàn lórí ìbéèrè yín, ẹ lo mẹ́ta tí Annamaria Lusardi àti Olivia Mitchell kọ fún ìwádìí ńlá kan nípa ìlera àti ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ní 2004. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti lò wọ́n. Kò sí ẹni tó máa bá yín fà á.

Oníṣirò_Àgbà

Ìrètí, ẹ sọ òótọ́ pé àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn lórúkọ, wọ́n sì dára fún iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ wọ́n, ìyẹn ni láti mọ bí ìmọ̀ owó ṣe rí láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbéèrè tí Olùdarí ń bi wá yàtọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wákàtí mẹ́rin òun yí nǹkan padà.

Ẹ wo èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn. Dọ́là 100 wà ní bánkì, èlé ìdá 2 nínú 100 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣé ó máa ju 102 lọ ni, ṣé 102 gééré ni, àbí kò ní tó 102? Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa èlé orí èlé máa gba ìbéèrè yìí. Bí ó bá kàn ń fi 2 kún un lọ́dọọdún, ó ti dé 110, 110 sì ju 102 lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá lo odindi wákàtí kan láti ṣàlàyé èlé orí èlé, ìbéèrè yìí ò ní gbọ́ ohun tí ẹ sọ.

Ẹ fi èyí wé e: owó 100, èlé ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, ẹ ò fọwọ́ kàn án fún ọdún méjì. Èló ló máa di? 110, 120, 121, tàbí "mi ò mọ̀". Ẹni tó mú 110 ka ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó mú 120 mọ̀ pé èlé máa ń wọlé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé 10 ti ọdún àkọ́kọ́ náà máa bí 1 tirẹ̀. Ẹni tó mú 121 ló mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà ní irú ìbéèrè yìí ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ fún ènìyàn. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá kúrò ní 110 lọ sí 120, ẹ̀yin olùkọ́ á mọ ibi tí ẹ̀kọ́ dé àti ibi tó dúró sí.

Ní ti "ṣé ẹ ti mọ̀ sí i," ẹ lè bi wọ́n, àmọ́ ẹ má kà á mọ́ àmì ìmọ̀. Ẹni tí wọ́n gbà tọwọ́tẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ kò ní sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan kún un. Bó ṣe rí lára ni ìyẹn ń wọ̀n.

Olùdarí, mi ò lè sọ nǹkan kan lórí 6.8 àti 7.4. Ẹ gbé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan síwájú wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni mélòó ló gbà á ní òwúrọ̀, ẹni mélòó ní ìrọ̀lẹ́? Ṣé ẹ sì lè mọ ìwé òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́ ti ẹnì kan náà?

Olùdarí_Kíláàsì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lè so wọ́n pọ̀. Mi ò gba orúkọ, ṣùgbọ́n mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì kékeré tó ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló sì kọ sórí ìwé méjèèjì.

Bó ṣe rí nìyí. Ìbéèrè 1, 2, 5 àti 9: láàárín 27 sí 29 ló ti gbà wọ́n ní òwúrọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè 3, tó jẹ́ ti èlé orí èlé, kúrò ní 15 sí 20. Ìbéèrè 4, ti ọ̀wọ́n gógó, kúrò ní 11 sí 23. Ìbéèrè 7 kúrò ní 14 sí 15. Ó béèrè pé tí ẹni méjì bá ń gba ìdá èlé kan náà, tí ọ̀kan ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó tí a yá, tí èkejì ń ṣírò rẹ̀ lórí iye tó ṣẹ́kù, èwo ló wọ́n jù. Ìbéèrè 8 àti 10 fi ẹnì kọ̀ọ̀kan gòkè. Èyí tó ń dà mí láàmú ni ìbéèrè 6. Ó kúrò ní 19, ó já wálẹ̀ sí 15. Òótọ́ tàbí irọ́ ni: "Ẹ̀yáwó tí ìdá èlé rẹ̀ kéré ló máa ń náni ní owó tó kéré jù ní gbogbo ìgbà." Irọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Báwo ni ẹ̀kọ́ ṣe máa dín ìmọ̀ ènìyàn kù?

Afárá_Ọjọ́

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà fẹ́ ṣe ìdánwò yìí. Mo fẹ́ yá owó ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì sọ pé wọ́n máa kọ́kọ́ wo ìmọ̀ mi nípa owó. Àmì mélòó ni mo gbọ́dọ̀ gbà?

Akọ́ni_Àgbà

Afárá, ẹ má bínú, ìdánwò tí à ń sọ níbí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gbígba ẹ̀yáwó. Olùkọ́ ló ń lò ó láti yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá yín lówó, òun ló mọ ohun tó fẹ́ wò.

Àmọ́ ìbéèrè yín kan ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó ní kíláàsì wa ló ń rò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé àmì yìí ló máa pinnu ẹni tó máa rí owó gbà. Wọn ò ní sọ ọ́ jáde. Ohun tí ẹ máa rí ni pé wọ́n ń yọjú wo ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pàápàá ní òwúrọ̀ tí ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Àmì òwúrọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀kọ́ yín á sì dà bíi pé kò ṣe nǹkan. Èmi máa ń sọ ọ́ kedere kí n tó pín ìwé: "Ìwé yìí kò pinnu nǹkan kan fún yín, kò sì sí orúkọ lórí rẹ̀. Èmi lẹ ń bá yẹ ara mi wò."

Ní tèmi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń kọ́ ni kò lè kàwé. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó wà ní ipò yẹn kí n tó dé máa ń ka ìbéèrè sókè, á ní kí ẹni tó bá gbà pé òótọ́ ni nawọ́. Mo jókòó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kan tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún nawọ́, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn ìyá sì nawọ́ tẹ̀ lé e. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ní àwòrán nìkan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lápá òsì, ẹyẹ, igi, ìràwọ̀, kí wọ́n lè mọ ìlà tí a wà. Níwájú rẹ̀ ni òkìtì owó mẹ́ta tí gíga wọn yàtọ̀, àti ojú ènìyàn kan tó ń ronú, tó dúró fún "mi ò mọ̀". Mo ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi pẹ́ńsù yí èyí tí wọ́n mú po. Ó ń gba àkókò, ìbéèrè mẹ́fà sì ni mo lè bi wọ́n dípò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan.

Oníṣirò_Àgbà

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn, Akọ́ni. Ìbéèrè mẹ́fà tí ènìyàn dá dáhùn sàn ju ogún tí wọ́n jọ dáhùn lọ.

Olùdarí, ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè yín díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rin tí 27 sókè ti gbà ní òwúrọ̀ kò ní àyè láti gòkè. Kódà kí áńgẹ́lì kọ́ kíláàsì yín, ẹni mẹ́ta ló lè yí padà níbẹ̀. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìdánwò yín kò lè rí iṣẹ́ tí ẹ ṣe, wọ́n kàn ń gbé àmì òwúrọ̀ ga ni. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí ọkàn àwọn ènìyàn lè balẹ̀, kí ẹ yọ mẹ́ta kúrò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìbéèrè tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn gbà ní òwúrọ̀, bíi ti ọ̀wọ́n gógó yín.

Ní báyìí, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ mú ìbéèrè 4 àti 7 nìkan. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ẹnì kan náà papọ̀, kí ẹ pín wọn sí òkìtì mẹ́rin: àwọn tó gbà á nígbà méjèèjì, àwọn tó ṣì í ní òwúrọ̀ tí wọ́n gbà á ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó gbà á ní òwúrọ̀ tí wọ́n ṣì í ní ìrọ̀lẹ́, àti àwọn tó ṣì í nígbà méjèèjì.

Olùdarí_Kíláàsì

Mo ti ṣe é. Ìbéèrè 4: àwọn 9 gbà á nígbà méjèèjì, 14 yí padà sí rere, 2 yí padà sẹ́yìn, 5 ṣì í nígbà méjèèjì. Ìbéèrè 7: 7 gbà á nígbà méjèèjì, 8 yí sí rere, 7 yí sẹ́yìn, 8 ṣì í nígbà méjèèjì.

Èyí ìkejì yìí yà mí lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n dúró sójú kan ni. Àṣé ìdajì kíláàsì ló yí ìdáhùn padà!

Oníṣirò_Àgbà

Ohun tí àmì àpapọ̀ ń bò mọ́lẹ̀ nìyẹn. Nínú òkìtì mẹ́rin yẹn, àwọn tó yí padà nìkan ló ní ẹ̀rí kan láti fún wa. Ní ìbéèrè 4, ẹni 16 ló yí padà, 14 síwájú, 2 sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ yín kò ṣe nǹkan kan, tí oníkálukú kàn ń yí bó ṣe wù ú, yíyí síwájú àti sẹ́yìn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ju owó ẹyọ sókè nígbà 16, kí ojú kan yọ nígbà méjì péré tàbí kó dín sí i: bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú 1,000 nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, bí a bá ka ojú méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ lè dúró lé èyí lórí níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀wọ́n gógó yín wọlé, bí kò bá sí nǹkan mìíràn tó fà á láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Màá padà sórí ìyẹn.

Ní ìbéèrè 7, 8 síwájú, 7 sẹ́yìn. Owó ẹyọ gan-an nìyẹn. Ìdáhùn méjì péré ni ẹ fún wọn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní ìdajì àǹfààní láti bọ́ sórí èyí tó tọ̀nà. Nítorí náà 14 ti òwúrọ̀ kì í ṣe ẹni 14 tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan tó mọ̀ ọ́n nígbà méjèèjì.

Ẹ tún un kọ báyìí: "Ẹ yá owó 1,200. Ẹ ń dá 100 padà lóṣooṣù fún oṣù 12, ẹ sì ń san èlé ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù lórí iye tó ṣẹ́kù. Èló ni èlé oṣù kejì?" Ìdáhùn: 24, 22, 2, mi ò mọ̀. Ní oṣù kejì, 1,100 ló ṣẹ́kù, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 22. Ẹni tó mú 24 ṣì ń ṣírò lórí 1,200. Ẹni tó mú 2 ń ṣírò lórí 100 tó ń dá padà. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó máa fi ojú lásán mọ èyí tó tọ̀nà, ìṣirò rẹ̀ kò sì le débi tí a ó fi máa dán ìmọ̀ ìṣirò wò dípò ìmọ̀ ẹ̀yáwó.

Ní ti ìbéèrè 6 tó já wálẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́, "ní gbogbo ìgbà" tó wà nínú rẹ̀ ń tú àṣírí. Ẹni tó ti ṣe ìdánwò púpọ̀ mọ̀ pé gbólóhùn tó bá ní "ní gbogbo ìgbà" sábà máa ń jẹ́ irọ́. Àwọn kan nínú 19 ti òwúrọ̀ lè ti gbà á nípa bẹ́ẹ̀. Ìkejì ló wúwo jù: kí lẹ sọ fún wọn ní kíláàsì nípa fífi ẹ̀yáwó wéra?

Olùdarí_Kíláàsì

Mo sọ fún wọn léraléra pé kí wọ́n má wo iye tí wọ́n ń san lóṣooṣù nìkan, pé ìdá èlé ni kí wọ́n máa wò. Ó wà lára ògiri gan-an, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Wo ìdá èlé."

Oníṣirò_Àgbà

Wọ́n gbọ́ yín, Olùdarí. Wọ́n gbọ́ yín ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Òfin kan ni wọ́n mú lọ sílé, wọ́n sì fi dáhùn ìbéèrè 6. Mo gbà pé èyí ló ṣeé ṣe jù lọ, àmọ́ ìbéèrè òótọ́ tàbí irọ́ kò lè fi hàn wá dájú. Èyí máa fi hàn: ẹ̀yáwó méjì, 1,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èlé lórí iye tó ṣẹ́kù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 2 lóṣooṣù, ẹ ń dá 100 padà lóṣooṣù fún oṣù 12. Ti ìkejì jẹ́ ìdá 1.5 lóṣooṣù, ẹ ń dá 50 padà lóṣooṣù fún oṣù 24. Nínú èwo lẹ máa san èlé tó pọ̀ jù lápapọ̀, èé sì ti ṣe? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àkọ́kọ́ máa gba èlé 156 títí tó fi parí, ìkejì máa gba 225, nítorí owó náà pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ní kí wọ́n ṣe ìṣirò yẹn tán. "Nítorí oṣù rẹ̀ pọ̀ jù" ni ẹ̀rí tí ẹ ń wá nínú ìdáhùn wọn. Bí ẹni púpọ̀ bá mú àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ "nítorí ìdá rẹ̀ ga," ọ̀rọ̀ ara ògiri yín ló ní láti yí padà kí ìbéèrè tó yí padà.

Ìrètí_Ọ̀la

Mo ti rí i báyìí pé mo sáré sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń fi "mi ò mọ̀" sínú gbogbo ìbéèrè? Ní tèmi, ó ń jẹ́ kí wọ́n sá fún iṣẹ́. Ẹ yọ ọ́, kí wọ́n ronú.

Oníṣirò_Àgbà

Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni pé ẹni tó kúrò ní "mi ò mọ̀" ní òwúrọ̀ lọ sí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ kò gba àmì kankan nígbà méjèèjì, àmọ́ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ní òwúrọ̀ ó mọ̀ pé òun ò mọ̀, ó ṣeé ṣe kó béèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ní ìrọ̀lẹ́ ó dá a lójú, ó sì ṣìnà. Mo fẹ́ lè rí ẹni yẹn. Bí ẹ bá yọ "mi ò mọ̀", ó máa fara pa mọ́ sáàárín àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́.

Akọ́ni_Àgbà

Mo gba ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìrètí ní ìtìlẹ́yìn. Tabea Bucher-Koenen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Nẹ́dálándì tí wọ́n fi bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kan pẹ̀lú "mi ò mọ̀", nígbà kejì láìsí i. Àwọn obìnrin ló ń mú "mi ò mọ̀" ju ọkùnrin lọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ọ̀pọ̀ wọn mú ìdáhùn tó tọ̀nà. Wọ́n mọ̀ ọ́n, kò kàn dá wọn lójú ni. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù ní kíláàsì mi. Bí mo bá fi "mi ò mọ̀" síbẹ̀, apá kan nínú ìyípadà tí mo rí ní ìrọ̀lẹ́ lè jẹ́ ìgboyà lásán, kó má jẹ́ ìmọ̀ tuntun.

Oníṣirò_Àgbà

Mi ò ní èsì tó tán ìyẹn. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wá bi wọ́n lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan pé "ṣé ó dá yín lójú?" Ṣùgbọ́n ìyẹn sọ ìdánwò di ìlọ́po méjì, kò sì rọrùn fún ìwé àwòrán yín. Ohun tó wà nínú agbára wa ni pé bí ẹ bá ti yan ọ̀kan, òun náà ni kẹ́ ẹ lò ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ nìkan máa rí àmì tó gòkè láìkọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Olùdarí_Kíláàsì

Ẹ ṣé púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù lọ́kàn mi. Ṣé ó burú pé ìbéèrè kan náà ni mo lò nígbà méjèèjì? Kí sì ni ẹ ń pè ní "nǹkan mìíràn tó lè fà á"?

Oníṣirò_Àgbà

Kò burú, àmọ́ bí wọ́n bá ti rí ìbéèrè ní òwúrọ̀, wọ́n á máa dẹ etí sílẹ̀ de ìdáhùn rẹ̀ gbogbo ọjọ́. Ẹ lè kọ ìwé méjì, Ìwé Kìíní àti Ìwé Kejì, ìbéèrè kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà tó yàtọ̀: 1,200 nínú ọ̀kan, 600 nínú èkejì. Kí ìdajì kíláàsì ṣe Ìwé Kìíní ní òwúrọ̀, kí wọ́n ṣe Ìkejì ní ìrọ̀lẹ́, kí ìdajì yòókù yí i padà. Bí gbogbo wọn bá ṣe Ìwé Kejì ní ìrọ̀lẹ́, tí Ìwé Kejì sì rọrùn díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ máa pe ìrọ̀rùn yẹn ní ẹ̀kọ́. Ẹ má sì lo nọ́ńbà tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrántí lẹ máa wọ̀n.

Ní ti nǹkan mìíràn: ó ti mọ́ wọn lára ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mọ bí ìwé ṣe rí, ẹ̀rù ti lọ. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ ní àwọn kan tó ń dúró de kíláàsì tó ń bọ̀, kí àwọn náà ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì láìtíì kẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣòro fún olùkọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ fi ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta sí i nípa ohun tí ẹ kò ní kọ́ wọn rárá, bíi ìṣètò ìbánigbófò, kí wọ́n sì le tó àwọn yòókù. Bí ọ̀wọ́n gógó bá gòkè tí ìbánigbófò dúró sójú kan, ẹ̀kọ́ yín ló ṣe é. Bí méjèèjì bá jọ gòkè, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Akọ́ni_Àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ àkókò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ń sọ ohun tó wọ orí, kò sọ ohun tó dúró síbẹ̀. Daniel Fernandes, John Lynch àti Richard Netemeyer kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2014, wọ́n sì rí i pé ohun tí ẹ̀kọ́ owó ń yí padà nínú ìwà ènìyàn kéré gan-an, bíi ìdá kan nínú 1,000 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn, ó sì ń parẹ́ bí oṣù ṣe ń lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn tó kó ìwádìí jọ lẹ́yìn wọn rí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mi ò ní fi ìyẹn pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Èmi ń padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìṣòro tí mo ní ni pé àwọn tó fẹ́ràn kíláàsì ló ń dáhùn nígbà yẹn, àwọn yòókù kì í gbé fóònù.

Olùdarí_Kíláàsì

Nígbà náà, ohun tí mo máa kọ fún àwọn tó gbé owó sílẹ̀ nìyí: ẹ̀kọ́ ọ̀wọ́n gógó wọlé, 14 sí 2, èlé orí èlé ṣeé ṣe kó wọlé, mo ń ka òkìtì rẹ̀ lọ́wọ́, ti ẹ̀yáwó kò wọlé, ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ sì ń darí wọn síbi tí kò yẹ, mo ń tún un ṣe. Màá so ìbéèrè tuntun mọ́ ọn.

Akọ́ni, nípa àwọn tí kì í gbé fóònù yẹn: bí mo bá fi àmì òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ àwọn tó dáhùn wé ti àwọn tí kò dáhùn, ṣé ìyẹn tó láti mọ̀ bóyá wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn?

Akọ́ni_Àgbà

Ó ń ràn mí lọ́wọ́, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ń fi hàn mí bóyá wọ́n yàtọ̀ nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kò sí nínú ìwé òwúrọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ sọ ọ́ fún wa.